Ara mi gbóná kí n tó pe ọkọ mi wálé, àṣé mo ti pẹ́?

Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ kú ilé o. Oṣù kẹjọ rèé tí a ti ń wá ọmọ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, èmi wà n'Íbàdàn, ìgbà tí mo bá pè é ló ń wá. Àràárọ̀ ni mo ń ki tẹmómítà sábẹ́ ahọ́n, kí n lè mọ ìgbà tí ẹyin mi ń jáde. Lóṣù tó kọjá, 36.3 sí 36.5 ni mò ń rí. Láti ọjọ́ 13 sí 15, omi kan ń jáde lójú ara mi, ó mọ́ gaara, ó ń yọ̀ bí funfun ẹyin adìẹ tútù. Mo fi ìka méjì fà á, kò já. Mi ò kà á sí. Ọjọ́ 17 ni ara mi fò sókè sí 36.8, mo pe ọkọ mi, ó dé lọ́jọ́ 18. Nǹkan oṣù mi tún dé. Èwo ni kí n máa tẹ̀ lé?

Ìyá Ìbejì: Kí lẹ̀ ń wọn ara sí? Ọjọ́ 14 ni ẹyin ń jáde. Kà á láti ọjọ́ tí o bá rí nǹkan oṣù. Mẹ́rin ni mo bí.

Agbẹ̀bí: Ìyá Ìbejì, ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń dé lẹ́yìn ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan ni ìyẹn sún mọ́, ó sì máa ń yẹ̀ fún òun náà. Àbúrò, ohun tó ti kọjá ni tẹmómítà ń sọ. Ìgbà tí ẹyin bá ti jáde tán ni ara tó ń móoru díẹ̀. Ẹyin ọ̀hún kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà kò dájú pé ọkọ rẹ bá a lọ́jọ́ 18. Omi tó ń fà yẹn gan-an ni ìpè. Àtọ̀ lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ 3, nígbà míì 5, kó máa dúró de ẹyin.

Àdùnní: Tèmi funfun bí ògì ni, ó sì ń yún mi. Ṣé òun náà nìyẹn?

Agbẹ̀bí: Rárá o. Kó o lọ yẹ ara rẹ wò, má kàn lọ ra oògùn ní kẹ́místì.

Olùbéèrè: Ṣùgbọ́n oṣù kan wà tí omi yẹn gbẹ, tó tún padà wá.

Agbẹ̀bí: Ó ń ṣẹlẹ̀. Ara á múra, ẹyin ò ní jáde, á tún gbìyànjú. Ibẹ̀ ni tẹmómítà ti wúlò: tí àárọ̀ mẹ́ta léra wọn bá ga ju mẹ́fà tó ṣáájú lọ, o mọ̀ pé ó ti jáde. Àárọ̀ kan ṣoṣo kò tó. Wọ̀n ọ́n kó o tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ní aago kan náà. Tí ibà bá wà lára rẹ, má ka tọjọ́ yẹn.

Ṣadé: Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ńkọ́? Tèmi ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ṣáá.

Agbẹ̀bí: Omi yẹn ni kó o máa wò ní tìẹ.

Olùbéèrè: Òní lọjọ́ 11. Ó ń yọ̀ díẹ̀, tí mo bá fà á, ó ń já. Ṣé kí n pè é?

Agbẹ̀bí: Kó wọ mọ́tò lọ́la.

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ 14 lèmi mọ̀ o.