Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi fóònù wọn ara yín fún télọ̀, báwo ló ṣe rí?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn oníbàárà mi tó wà lókè òkun ò fẹ́ fọwọ́ kan téèpù mọ́. Áàpù ni wọ́n ń lò. Wọ́n á tẹ gíga wọn sí i, wọ́n á dúró níwájú fóònù, yóò ya wọ́n níwájú, yóò ya wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Wọ́n á wá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù.

Àǹtí kan ní Mánṣẹ́sítà ni mò ń rán kàbà léèsì fún. Áàpù ní àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 42, ìbàdí 35.7, ìdí 46.2. Mo ti ránṣọ fún un rí, ohun tó wà nínú ìwé mi kéré sí èyí. Èèyàn lè sanra lóòótọ́, àmọ́ mo ní kó jọ̀ọ́, kí ọmọ rẹ̀ fi téèpù bá a wọn ibi mẹ́ta yẹn péré. Wọ́n mú 40, 34 àti 44 wá. Èwo ni kí n gé? Léèsì yìí kì í nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó ṣẹ́ kù lọ́jà. Ẹ bá mi dá sí i, kí ẹ sì sọ èyí tí ojú yín ti rí.

Ọmọ Pẹ́kámù
Ẹ gba áàpù gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Téèpù ló ń purọ́. Àwa obìnrin máa ń fà á pinpin nígbà tó bá dé ìbàdí, a ò fẹ́ kí nọ́ńbà pọ̀. Èmi ò wọn nǹkan kan mọ́ láyé mi. Ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń lò máa ń gbé aṣọ wọ fọ́tò mi lójú fóònù, bó bá ti rí dáadáa níbẹ̀, mo ra á nìyẹn. Bí nọ́ńbà bá pọ̀ jù, ẹ sáà yọ ínṣì 2 kúrò níbi gbogbo.

Bàbá Dúró
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ilé ìwòsàn ìjọba náà ń ṣe ìskáànì yìí? Èyí tí wọ́n ṣe fún ìkùn mi lọ́dún tó kọjá, wọn ò sọ ìwọ̀n àyà fún mi rárá, owó rẹ̀ sì wọ́n.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Rárá o, Bàbá. Fọ́tò lásán ni tiwa, fún aṣọ rírán. Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà.

Olùkọ́ Pátánì, Òṣogbo
Aránṣọ, ẹ má tí ì gé e. Ẹ tún wo nọ́ńbà yín. Níbi àyà, áàpù fi ínṣì 2 lé 40, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi ìbàdí, ó fi 1.7 lé 34, ìdá márùn-ún náà ni. Níbi ìdí, 2.2 lórí 44, ìdá márùn-ún ṣì ni. Bí téèpù bá jẹ̀bi, kò lè jẹ̀bi lọ́nà kan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fọ́tò kò mọ bí èèyàn ṣe tóbi tó. Ọmọdé tó sún mọ́ fóònù àti àgbàlagbà tó jìnnà lè ga bákan náà lójú rẹ̀. Gíga tí ẹni náà tẹ̀ sí i nìkan ni áàpù fi ń mọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan yòókù. Bó bá fi ìdá márùn-ún bù mọ́ gíga rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló máa fi ìdá márùn-ún tóbi. Ẹ bi àǹtí náà léèrè gíga tó tẹ̀.

Ọmọ Pẹ́kámù, òótọ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń fa téèpù. Ṣùgbọ́n yíyọ ínṣì 2 níbi gbogbo yẹn á ba aṣọ jẹ́, torí ohun tó lé níbi ìdí ju tibi ìbàdí lọ. Ní ti aṣọ tí wọ́n gbé wọ fọ́tò, àwòrán ni. Kò lè sọ bóyá zíìpù máa pa dé.

Ẹ̀gbọ́n Hústọ̀n
Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Gíga mi pé, apá àti ẹsẹ̀ bá téèpù mu, àyà nìkan ló di 50 dípò 44. Jalamíà ni mo wọ̀, mo sì lẹ apá mọ́ ara bíi sójà.

Olùkọ́ Pátánì, Òṣogbo
Ẹ̀gbọ́n, ibi kan ṣoṣo ló ṣẹ̀, torí náà ẹ má wá ẹ̀bi sọ́dọ̀ gíga. Etí ara ni áàpù ń tọ̀. Bí apá bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, tàbí tí aṣọ ṣe gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó máa kà wọ́n mọ́ àyà. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra ni kẹ́ ẹ wọ̀, kí apá jìnnà sí ara díẹ̀, kí ògiri ẹ̀yìn yín má ṣe jọ àwọ̀ aṣọ yín.

Oríṣi kẹta wà tí mo máa ń rí: ìdí àti itan pọ̀ jù, èjìká sì kéré jù, lára ẹnì kan náà. Àwọn wọ̀nyẹn ti gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ó wá ń wòkè. Ohun tó bá sún mọ́ fóònù ló máa ń tóbi. Kí fóònù dúró ṣánṣán, kó ga tó ìdodo.

Ẹ̀gbọ́n Hústọ̀n
Mo tún un ṣe, àyà ti di 44 àti díẹ̀. Ikùn ló kù. Téèpù ní 43, áàpù ní 41, bó ti wù kí n dúró.

Olùkọ́ Pátánì, Òṣogbo
Ibo lẹ fi téèpù sí? Ó lè jẹ́ pé ibi tó tín-ín-rín jù ni áàpù ń pè ní ìbàdí, tí ẹ̀yin sì ń wọn orí ìdodo. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Bó bá jẹ́ ṣòkòtò ni, ibi tí ẹ ti ń so ó gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kẹ́ ẹ fi ti áàpù sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mò ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tí mo ṣe é fún aṣọ ẹbí. Àyà bá téèpù mu, síbẹ̀ aṣọ náà ò ṣeé wọ̀. Ibi tí wọ́n ká aṣọ sí fún ọmú wà lókè pátápátá, ọmú wà nísàlẹ̀. Áàpù sọ bí àyà ṣe pọ̀ tó yí ara ká, kò sọ láti èjìká dé orí ọmú, kò sọ láti orí ọmú kan dé èkejì. Télọ̀ mi wá fojú bù ú. Bùbá ì bá gbà á, torí bùbá máa ń tú, ṣùgbọ́n aṣọ tó fún mọ́ra kò lè gbà á. Kọ́mú tí ẹ bá máa wọ̀ lọ́jọ́ òde ni kẹ́ ẹ wọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ wọn ìyẹn.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Olùkọ́, ẹ ṣeun. Àǹtí ní sẹ̀ńtímítà 168 lòun tẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ nọ́ńbà yẹn mọ́ ara rẹ̀, ti pé ó wọ bàtà gogoro nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ni kò rántí, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ya fọ́tò. Mo ní kó dúró ti ògiri láìwọ bàtà, kí ọmọ gbé ìwé pẹlẹbẹ lé e lórí, kó fi bírò sàmì sí ògiri. 160 ló jẹ́. Ó tẹ ìyẹn sí i, àyà di 40.1, ìbàdí 34.2, ìdí 43.8.

Ọmọ Pẹ́kámù
Áàpù wá tọ̀nà nìyẹn. Mo sọ ọ́.

Olùkọ́ Pátánì, Òṣogbo
Téèpù ló jẹ́ ká mọ̀, àbúrò. Kí àǹtí náà fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wo téèpù ọ̀hún náà, torí èyí tó bá ti gbó máa ń nà.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Wọ́n ti wò ó, ó pé. Mo ti ní kí wọ́n tún fọwọ́ wọn èjìká dé ọmú, ọmú dé ọmú, àti èjìká dé ìbàdí. Mò ń retí rẹ̀. Ara lásán ni 40 yẹn, màá fi ínṣì 2 lé e kó lè mí, kó sì jókòó. Léèsì ṣì wà nínú ọ̀rá.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Ẹ dákun, ta ló mọ ibi tí áàpù ń kó fọ́tò yẹn sí lẹ́yìn tó bá wọ̀n wá tán? Síńgílẹ́ẹ̀tì àti páńtí ni mo wọ̀ nínú tèmi.