Àwòrán ìyàwó jáde kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó kò: ẹ wá sọ irú èyí tẹ́ ẹ ti rí

Onígèlè Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa, mo fẹ́ ká jọ tú u wò. Ìyàwó kan wá dán mékọ́ọ̀pù àti gèlè wò lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ gbé àwòrán òun síbì kankan. Ọ̀gá ya mẹ́rin, ó fi ránṣẹ́ sí i, ó sì pa á rẹ́ nínú fóònù lójú ẹ̀ níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì, àwòrán ti wà lórí Státọ́ọ̀sì ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láti oṣù tó kọjá. Báwo ló ṣe débẹ̀? Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà àti àwòrán oníbàárà tiyín pẹ̀lú.

Ṣadé Èékánná
Ayé le o 😂

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Ìyàwó yẹn fúnra ẹ̀ ló tú u síta. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ má gbé e, àwọn á sì ti jù ú sínú gúrúùpù aṣọ ẹbí kí wọ́n tó dé Àwólọ́wọ̀.

Bọ̀dá Fóònù, Ìwó Road
Ẹ má tíì di ẹ̀bi lé ìyàwó lórí. Ìbéèrè 2 péré: ṣé Gmail ṣọ́ọ̀bù wà nínú fóònù ọmọ yẹn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Àti pé inú Gallery ni ọ̀gá ti pa àwòrán rẹ́ ni, àbí inú Google Photos?

Onígèlè Bódìjà
Gmail wà níbẹ̀. Wọ́n fi síbẹ̀ kó lè máa rí nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó bá fẹ́ pè wọ́n. Inú Gallery ni wọ́n ti pa á rẹ́.

Bọ̀dá Fóònù, Ìwó Road
Ibẹ̀ ló ti jò. Bí ọ̀gá ṣe ya àwòrán tán tí dátà wà lórí, Google Photos ti gbé ẹ̀dà kan lọ sínú Gmail yẹn kó tó di pé ó ń pa á rẹ́. Èyí tó wà nínú fóònù nìkan ni Gallery pa, ẹ̀dà ti òkè ò mira. Fóònù mìíràn tí Gmail kan náà bá sì wà nínú rẹ̀ á máa rí gbogbo ohun tó bá wọlé síbẹ̀, ì báà wà ní Bódìjà, ì báà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ yẹn ò ní láti ṣe nǹkan kan ju pé kó ṣí Google Photos rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà náà ń bá ọ̀nà kan náà lọ: oníbàárà tuntun tí ọ̀gá bá sefù sórí Gmail yẹn lónìí, ó ń yọ lọ́dọ̀ ọmọ tó ti kúrò.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán lọ lóòótọ́, inú Google Photos gan-an ni kí ẹ ti pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Trash, tí àwọn fóònù kan ń pè ní Bin, kí ẹ dà á nù níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 60 kó tó pòórá fúnra rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ Chállẹ́ńjì
Kí lẹ ń ṣàlàyé gígùn fún? Kí ọ̀gá yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ó parí.

Bọ̀dá Fóònù, Ìwó Road
Ẹ̀gbọ́n, ó dára, àmọ́ kò parí. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, Google á lé ọ̀pọ̀ fóònù jáde, ṣùgbọ́n ó lè dá èyí tó ń lò láti béèrè pé "ṣé ìwọ ni?" sí. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, fóònù ọmọ iṣẹ́ gan-an nìyẹn, torí òun ni wọ́n ní kó bá ọ̀gá ṣí Gmail. Ẹ wọ Google Account, ẹ lọ sí Security, ẹ wá Your devices. Gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀ á yọ, pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Èyí tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Sign out. Ẹ tún wo Wásáàpù níbi Linked devices: tí ẹnikẹ́ni bá ti so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, á máa ka gbogbo ìsọ̀rọ̀ yín láìsí pé páásíwọ́ọ̀dù Gmail kàn án.

Délé Fótò
Ẹ jọ̀ọ́, fóònù wo ló ń ya awọ ara dáadáa láìmú un funfun jù?

Ṣadé Èékánná
Bọ̀dá Délé, nǹkan mìíràn là ń sọ 😂

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Ìdí tí mo fi ń lo ìwé nìyẹn. Ìwé kì í gbé nǹkan lọ sókè.

Omidan Láàlì
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ìwé yín yẹn ló rọrùn jù láti jí. Orí tábìlì ló máa ń wà, ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹni tó jókòó sábẹ́ dráyà tó ń dúró de irun rẹ̀ lè fi fóònù ya odidi ojú ewé kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kò sẹ́ni tó máa fura. Pín in sí méjì. Èyí tó wà lórí tábìlì, orúkọ àkọ́kọ́ àti aago tí wọ́n ń bọ̀ nìkan ni kó wà níbẹ̀: "Fúnmi, 2:30, ṣùkú". Nọ́ńbà ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ìwé kejì tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ohun tó jẹ mọ́ ara, bíi orí tó ń pá, èélá, oyún, oògùn tí ara kì í gbà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kejì náà, ẹ má pariwo rẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́ láti òpin ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ọmọ yìí! Mo gbọ́. Àmọ́ iná kì í pa ìwé tèmi, NEPA ò kàn án.

Àǹtí Kẹ́mi Dìrí, Sàngó
Orúkọ tí wọ́n fi ń sefù nọ́ńbà ńkọ́? Fóònù wà lórí tábìlì, ó dún, "Ìyá Gbèsè" hàn gàdàgbà lójú gbogbo ènìyàn, ẹni tí obìnrin náà jẹ́ àǹtí fún sì jókòó síbẹ̀.

Ṣadé Èékánná
"Sisí Orí Pípá" wà lọ́dọ̀ ẹnìkan. Mi ò ní dárúkọ.

Omidan Láàlì
Ẹ fi lẹ́tà kan sẹ́yìn orúkọ, ó tó. Àwọn kan ń lo J fún ẹni tó gbà kí ojú òun hàn, Ẹ fún ẹ̀yìn orí nìkan, R fún rárá. "Fúnmi Agodi R". Kí ọwọ́ tó kan Státọ́ọ̀sì, ẹ wo lẹ́tà yẹn. Ìsọ̀rọ̀ Wásáàpù níbi tí oníbàárà ti dáhùn, ẹ fi ìràwọ̀ sí i, kí ẹ lè rí i tí àríyànjiyàn bá dé.

Àǹtí Kẹ́mi Dìrí, Sàngó
Lórí ẹ̀yìn orí yìí, mi ò fara mọ́ ọn. Irun tí mo fi wákàtí mẹ́fà dì, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Kò sójú níbẹ̀, kò sórúkọ. Kí ni mo tún fẹ́ gba àṣẹ sí?

Onígbàjámọ̀ Chállẹ́ńjì
Àǹtí sọ òótọ́. Àti pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà ti gbà nìyẹn.

Omidan Láàlì
Ti ẹ̀rín yẹn kò tó. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ ọ́ kedere pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, àti pé ẹni tó gbà lónìí lè yí ọkàn padà lọ́la. Gbígbà pé kí ẹ ya òun kò túmọ̀ sí gbígbà pé kí ẹ gbé òun síta. Ti ọmọdé, òbí ló ń gbà á, kì í ṣe ọmọ, kì í sì í ṣe àǹtí tó mú un wá dirun.

Ti ẹ̀yìn orí, mo gbà pé ó nira díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tún wà nínú àwòrán: ilà tí wọ́n fín sọ́rùn, aṣọ iléeṣẹ́, dígí iwájú tó ń fi ojú rẹ̀ hàn. Dígí yẹn ló ń tú àṣírí jù nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ yí àga kúrò níwájú dígí kí ẹ tó yà á, ògiri ni kó wà lẹ́yìn.

Àǹtí Kẹ́mi Dìrí, Sàngó
Ti dígí yẹn, mo gbà. Ti àṣẹ, a ò tíì parí ẹ̀.

Ìyàwó Bàbá Ayọ̀
Tèmi ni ti ápù tó ń yáni lówó. Ọmọ iṣẹ́ yá ₦15,000 lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù kan, kò san án lásìkò, ni wọ́n bá ń tẹ oníbàárà láago pé olè ni. Àwọn oníbàárà tí wọn ò mọ ọmọ náà rí!

Bọ̀dá Fóònù, Ìwó Road
Ìyẹn wọ́pọ̀. Láti ọdún 2023, Google ò gbà kí ápù owó yíyá tó wà lórí Play Store wo nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù mọ́. Àwọn tó ń fi líǹkì ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ dáwun lóòdù láti ibòmíràn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Permission manager, ẹ ṣí Contacts. Ápù tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìpè tàbí iṣẹ́ yín, ẹ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ti kó lọ tẹ́lẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè gbà á padà.

Ṣadé Èékánná
Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó lọ: gúrúùpù oníbàárà ńkọ́? Mo fẹ́ kó gbogbo wọn jọ fún ẹ̀dínwó Ọdún Iléyá.

Omidan Láàlì
Má kó wọn sí gúrúùpù, gbogbo wọn á rí nọ́ńbà ara wọn, àwọn oníjìbìtì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lóru. Broadcast ni kó o lò, ènìyàn 256 ni ọ̀kan ń gbà. Ẹni tí kò bá sefù nọ́ńbà tìrẹ kò ní rí i o.

Onígèlè Bódìjà
Bọ̀dá Fóònù, ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo inú Gmail náà báyìí. Fóònù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ yẹn ló sì wà níbi Recovery phone.

Bọ̀dá Fóònù, Ìwó Road
Mo rò bẹ́ẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kó wá yí páásíwọ́ọ̀dù, kó tó lé àwọn fóònù náà jáde. Tó bá kọ́kọ́ lé wọn, ọmọ yẹn lè fi nọ́ńbà rẹ̀ gba kóòdù, kó tún wọlé. Àmọ́ kó mọ̀ pé fún ọjọ́ 7, Google lè ṣì gbà kí wọ́n fi nọ́ńbà àtijọ́ gba kóòdù. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an nìyẹn. Kó yáa kó àwòrán ìyàwó kúrò nínú Gmail yẹn lálẹ́ yìí, kó sì da Trash nù.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Èyí tó ti wà lórí Státọ́ọ̀sì ńkọ́?

Bọ̀dá Fóònù, Ìwó Road
Ìyẹn á lọ lẹ́yìn wákàtí 24. Àwọn tó ti ya ojú fóònù wọn nìkan la ò lè ṣe nǹkan sí. Kí ọ̀gá pe ìyàwó fúnra rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.