Èrè epo pupa mi: ₦240,000 ni àbí ₦50,000?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjà o. Epo pupa ni mò ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí oṣù wọlé, kẹ́ẹ̀gì 10 wà nílẹ̀ tí mo ra ní ₦30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ra 20 sí i ní ₦34,000. Kí oṣù tó parí, epo ti wọ́n sí i. Mo ra 10 ní ₦40,000. Mo ta 25 ní ₦42,000, owó tó wọlé jẹ́ ₦1,050,000.

Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni mo kọ́kọ́ ń yọ nínú ìwé. Kẹ́ẹ̀gì 10 àtijọ́ jẹ́ ₦300,000, 15 nínú èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ₦510,000. Iye tí mo fi ra ọjà tí mo tà wá di ₦810,000, èrè ₦240,000. Epo ₦570,000 ló kù nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ní tí n bá fẹ́ ra 25 padà lónìí, ₦1,000,000 ni, ₦50,000 péré ló máa kù lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni! Bẹ́ẹ̀ mo ti fẹ́ yọ ₦150,000 san owó ilé-ìwé.

Ọmọ tó ń bá mi tajà tún ti ta kẹ́ẹ̀gì tuntun mélòó kan ṣáájú, torí wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ìyẹn ò yí ìṣirò padà, nítorí iye owó ni ìlànà yìí ń tò, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì gan-an. Àbí mo ṣì í?

Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ máa ń yọ jẹ nínú irú èrè báyìí?