«Pírodúsà» lábẹ́ fídíò orin: kí la ó pè é?

Ẹni tó bèèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi gbé fídíò orin jáde fúnra rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mò ń bá a kọ àlàyé abẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Mo pe pírodúsà ní «agbátẹrù», ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n kọ? Báwo ni kí n sì ṣe pe irú orin náà? Àpàlà ni, àmọ́ bíìtì kọ̀ǹpútà wà nínú ẹ̀.

Atúmọ̀ fíìmù: Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Nídìí fíìmù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, agbátẹrù ni ẹni tí owó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ní sítúdíò orin, pírodúsà lè má ná kọ́bọ̀. Òun ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó to bíìtì, tó sọ fún olórin pé kó tún ẹsẹ kejì kọ. «Ahunrin» ni mò ń pè é: ẹni tó ń hun aṣọ ni ahunṣọ, ẹni tó ń hun orin ni ahunrin.

Olùkọ́ àgbà: Ọ̀rọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n «ahun» ni ojú kọ́kọ́ rí. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun ní gbangba? Ẹ jẹ́ ká lo «olóòtú».

Atúmọ̀ fíìmù: Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ahun nínú ahunṣọ. Àmọ́ mo gbà pé ọ̀rọ̀ tuntun kò tíì ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀. Olóòtú ńkọ́? Ìwé ìròyìn àti rédíò ti gbà á, ẹni tó gé fídíò náà á sì ní tòun ni. Olóòtú méjì á wà lábẹ́ fídíò kan. Kí ló dé tá a fi ń wá orúkọ fún gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́? Bí Yorùbá bá rí iṣẹ́ tó dára, «ta ló ṣe é?» la máa ń bèèrè. Ẹ kọ «ẹni tó hun orin», «ẹni tó lu gángan», «ẹni tó darí fídíò». Ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn ò lè da ẹnikẹ́ni láàmú.

Onílù: Èmi náà ni olórin adádúró, mi ò ní bándì. Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀?

Olùkọ́ àgbà: Àbúrò, ìyẹn kọ́ lẹni tó bèèrè ń sọ. Onílù pọ̀ lẹ́yìn Haruna Ishola, síbẹ̀ ní 1969, òun àti I. K. Dairo dá STAR Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó jẹ́ tàwọn olórin fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ta ló ni orin la ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye èèyàn. «Aládàáni» ni mo fara mọ́, bí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni.

Atúmọ̀ fíìmù: «Ẹni tó ni orin» ti sọ ọ́ tán.

Onílù: Ó dáa. Lórí irú orin, èmi máa ń kọ àpàlà, fújì, jùjú àti Áfúróbíìtì pọ̀, kí gbogbo ẹni tó ń wá orin lè rí mi.

Atúmọ̀ fíìmù: Ẹ̀tàn ni YouTube ń ka ìyẹn sí, ó sì lè yọ fídíò kúrò. Áfúróbíìtì yẹn gan-an níṣòro. Gẹ̀ẹ́sì fi «s» ìparí ya ti Fela àti Tony Allen sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Àwa kì í fi «s» sọ ohunkóhun di púpọ̀, méjèèjì wá di ọ̀kan lẹ́nu wa. Mo máa ń kọ «Áfúróbíìtì ìwòyí» fún ti ìsinsìnyí. Orin àbúrò yín kò nílò ìyẹn, «àpàlà oníbíìtì kọ̀ǹpútà» tó. Ẹ gbé e báyìí:

```
Ẹ̀yìn Ọ̀la (Eyin Ola)
Ẹ gbọ́ ọ: https://...
Oríṣi orin: àpàlà oníbíìtì kọ̀ǹpútà
Èdè: Yorùbá
Ẹni tó kọrin, tó sì ni ín: ...
Ẹni tó hun orin: ...
Ẹni tó lu gángan: ...
Ẹni tó darí fídíò: ...
```

Ìlà bíi méjì àkọ́kọ́ nìkan ni èèyàn máa ń rí kó tó tẹ ibi tó ti lè ka ìyókù, ìdí nìyẹn tí líǹkì fi wà lókè. Ẹ kọ https:// rẹ̀ pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè má ṣeé tẹ̀. Mo kọ orúkọ orin lẹ́ẹ̀mejì torí ọ̀pọ̀ tó ń wá orin kì í tẹ àmì ohùn.

Ẹni tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ìlà «Èdè: Yorùbá» yẹn ti sọ fún YouTube nìyẹn, àbí?

Atúmọ̀ fíìmù: Èèyàn nìkan ló sọ fún. Ẹ wọ YouTube Studio, ẹ tẹ `Show more` lójú ewé fídíò náà, ẹ wá mú Yorùbá níbi `Video language` àti `Title and description language`.

Olùkọ́ àgbà: Ó ku ẹni tó gba orin lẹ́yìn tí wọ́n ti po ohùn pọ̀ tán, tó ń tún un ṣe kó lè dún bákan náà nínú fóònù àti nínú mọ́tò. «Fọ ohùn»? Ẹni tó pò ó pọ̀ lè ní ṣé ẹ ní tòun dọ̀tí ni.

Onílù: «Dán ohùn»?

Olùkọ́ àgbà: Dídán ni fún bàtà àti irin. Mi ò tíì gbà.