Báwo ni mo ṣe lè pa lẹ́tà rẹ́ lójú sánmà láì fi ìlà sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní tí bàbá mi wà lórí ẹṣin, ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni ayàwòrán kọ lẹ́tà funfun gàdàgbà sí lójú sánmà. Sánmà ìrọ̀lẹ́ ni: búlúù lókè, ó ń rọra pọ́n lọ sísàlẹ̀.

Mo lo Clone nínú GIMP, àbàwọ́n kún ibẹ̀. Heal sàn díẹ̀, àmọ́ ó ń fa funfun etí lẹ́tà mọ́ra. Mo wá fi Gradient kùn ún ní 16-bit. Ó dára, àfi ìgbà tí mo dá a padà sí 8-bit tí ìlà gbọọrọ yọ. Ibi tí mo kùn tún dán jù; sánmà yòókù ní hóró wínníwínní.

Ṣé kí n fi RGB Noise sí ibi tí mo kùn nìkan ni, àbí sí gbogbo sánmà? Ṣé kí n tó padà sí 8-bit ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?