Rìpọ́ọ̀tù oṣooṣù tí oníṣòwò lè rí owó ọjà rẹ̀ nínú rẹ̀: ẹ wá sọ ìrírí yín

Alábòójútó Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń bá àwọn oníṣòwò bójú tó ojú-ìwé wọn lórí Instagram àti WhatsApp. Mo dá dúró ni, mi ò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ni Alhaja kan tó ń ta adìrẹ l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dé máa ń fi rìpọ́ọ̀tù ránṣẹ́ lóṣooṣù: iye láìkì, iye fọ́lówà tuntun, iye èèyàn tó wo fídíò. Alhaja á kà á tán, wọ́n á béèrè pé, "Èló ló wọlé nínú ẹ̀?" Wọn ò rí ẹni dá wọn lóhùn. Ìbéèrè yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí wọ́n pè mí.

Ohun tó mú un le ni pé ọjà Alhaja kì í parí lórí Instagram. Ẹni tó bá rí aṣọ níbẹ̀ á tẹ líńkì, WhatsApp á ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ná an, á sì fi tíránsífà sanwó. Instagram ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni sanwó, báńkì náà ò sì mọ ibi tí olówó ti rí ọjà. Nítorí náà, ibi kọ̀ọ̀kan tí èèyàn lè gbà wá ni mo ṣe líńkì tirẹ̀ fún, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sínú ẹ̀ sílẹ̀:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20ra%20adire.%20IGA
```

IGA ni ti líńkì tó wà lókè ojú-ìwé, IGB ni ti sítórì, FB ni ti Facebook. Ẹ yọ òdo tó ṣáájú nọ́ńbà yín, ẹ fi 234 rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì fi àmì ìròpọ̀ síwájú ẹ̀. Bí kọ́sítọ́mà bá ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́, ọmọbìnrin tó ń dáhùn ní ṣọ́ọ̀bù ti mọ ọ̀nà tó gbà wọlé. Tó bá pàṣẹ ọjà, ọmọbìnrin náà á lẹ àmì `Pending payment` mọ́ ọn lórí WhatsApp Business. Tí owó bá dé, á yí i sí `Paid`. Lópin oṣù, àwọn tó ní `Paid` ni mò ń kà, èmi àti ọmọbìnrin náà a jọ máa ń wò ó ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Oníkéèkì Òṣogbo

Ẹ ṣeun, àbúrò, ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́ fi wàhálà pa ara yín. Èmi kì í ka àmì kankan. Owó tó wọlé lóṣù tó kọjá ni mo máa ń yọ kúrò nínú ti oṣù yìí, ohun tó bá fi lé ni iṣẹ́ Instagram. Ọmọ tó ń bá mi ṣe é náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóṣù tá a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò kéèkì ìgbéyàwó jáde, ọjà gbérí gan-an.

Alábòójútó Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò jìnnà sí òótọ́, torí ó yẹ kí àpapọ̀ owó ọjà wà nínú rìpọ́ọ̀tù lóòótọ́. Ibi tí mo ti yà sọ́tọ̀ ni pé oṣù méjì kì í rí bákan náà. Ẹ wo Alhaja: bí Iléyá bá kù díẹ̀, adìrẹ á tà, ì báà jẹ́ pé a ò gbé fọ́tò kan ṣoṣo jáde. Bí oṣù yẹn bá kọjá, ọjà á wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìṣirò tiyín wọn iṣẹ́ mi, ẹ máa yìn mí fún ohun tí mi ò ṣe lóṣù kan, ẹ ó sì bínú sí mi lóṣù kejì lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ká ní ẹ fẹ́ fi wé ọdún tó kọjá, kì í ṣe orúkọ oṣù lẹ máa fi wé e. 16 oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí ní 2024, ó sì di 6 oṣù kẹfà ní 2025. Oṣù karùn-ún 2025 gba púpọ̀ nínú ọjà ọdún, ti 2024 ò gba tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún ni mò ń fi wé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún. Mo tún máa ń ka iye aṣọ tó tà pẹ̀lú owó ẹ̀, nítorí bí aṣọ bá gbówó lórí, owó á pọ̀ sí i bí oníbàárà ò tiẹ̀ pọ̀ sí i.

Ìyá Aládìyẹ, Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹni tó ń bá mi bójú tó ojú-ìwé ní fọ́lówà mi ti pọ̀ gan-an, ó sì fi hàn mí lóòótọ́. Ẹyin ni mò ń tà, Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀ nìkan ni mò ń gbé e dé. Mi ò rí ẹni tó ra krétì kan. Ṣé kí n gbà á láyè láti ra fọ́lówà sí i ni? Àbí fọ́tò mi ni ò dáa?

Alábòójútó Ìbàdàn

Màmá, ẹ má ra fọ́lówà rárá. Fọ́lówà tí a rà kì í ra ẹyin. Ẹ ní kó ṣí ibi tí Instagram ti ń fi ìlú àwọn fọ́lówà hàn, kó ya fọ́tò rẹ̀ sínú rìpọ́ọ̀tù. Bí Ìlọrin ò bá sí nínú àwọn ìlú tó ṣáájú, fọ́tò yín kọ́ ló fa á. Àwọn tó ń wò yín ò lè ra ẹyin lọ́wọ́ yín ni. Fún irú ọjà tiyín, iye èèyàn Ìlọrin tó kọ̀wé sí yín ni kó kọ sí òkè rìpọ́ọ̀tù, kó fi iye fọ́lówà sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ará Peckham

Ẹ kú ìjókòó. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta aṣọ òkè àti gèlè lórí wẹ́ẹ̀bù ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Tiwa rọrùn ju ti Alhaja lọ, torí orí wẹ́ẹ̀bù ni wọ́n ti ń sanwó. Mo máa ń so irú èyí mọ́ ìdí líńkì:

```
?utm_source=instagram&utm_medium=social&utm_campaign=gele
```

Google Analytics á sọ fún mi pé ẹni tó ra gèlè yìí, Instagram ló gbé e wá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé obìnrin kan á rí gèlè lórí Instagram, á ṣí wẹ́ẹ̀bù wa fúnra ẹ̀, á ti ibẹ̀ da líńkì tí ò ní àmì kankan sínú gúrúùpù WhatsApp àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó. Àwọn mẹ́fà á rà níbẹ̀, gbogbo wọn á sì wọlé sábẹ́ `(direct) / (none)`. Oníṣọ́ọ̀bù á wò ó, á ní, "Ṣé o rí i pé àwọn èèyàn ń wá fúnra wọn?" Nígbà tó yá, a fi ìbéèrè kan síbi tí wọ́n ti ń sanwó: níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa? Ìdáhùn yẹn ń gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà hàn wá. Báwo ni ojú rìpọ́ọ̀tù náà ṣe rí gan-an?

Alábòójútó Ìbàdàn

Ó dáa, àbúrò. Oṣù kan tí kò sí ọdún nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká wò. Èèyàn 118 ló kọ̀wé sí WhatsApp Alhaja. Àwọn 46 ní àmì IGA tàbí IGB, 19 ní FB, 53 ò ní àmì kankan. Nínú 46 yẹn, 14 sanwó, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦392,000. Ti FB ò mú nǹkan gidi wá, ìlà kan ni mo fi sọ ọ́.

Àwọn 53 tí ò ní àmì, ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti mọ̀ wá. 31 ní Instagram ni. 9 nínú wọn sanwó, ₦252,000. Mi ò da èyí pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìlà méjì ni mo kọ: "èyí tí àmì fi hàn" àti "èyí tí kọ́sítọ́mà fẹnu ara wọn sọ". Èèyàn lè gbàgbé, ó sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ júwe wa, kó tó wá wo Instagram.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kan ìnáwó. Owó iṣẹ́ mi jẹ́ ₦120,000, ìpolówó tí a sanwó fún jẹ́ ₦60,000, ìyẹn ₦180,000. Ẹ má fi owó ọjà wé owó yìí o, èrè ni kẹ́ ẹ fi wé e. Alhaja sọ fún mi pé tí wọ́n bá yọ owó aṣọ, aró àti iṣẹ́ aláró, nǹkan bíi náírà 35 ló ń kù nínú 100. Èrè tó wà nínú ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ₦137,200. Kò tó ₦180,000. Tí a bá fi ìlà kejì kún un, ó di ₦225,400, ó sì fi ₦45,400 lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́: bí ẹ bá gba àmì nìkan gbọ́, a pàdánù, bí ẹ bá gba ẹnu kọ́sítọ́mà gbọ́, a jèrè díẹ̀.

Ìlà tó tẹ̀ lé e ló mú wọn tún ètò ṣe. IGB, ìyẹn sítórì, ló mú 10 wá nínú 14 tó sanwó, bẹ́ẹ̀ lórí fídíò tó wà lójú-ìwé ni a ná gbogbo owó ìpolówó sí. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a pín owó náà sí méjì.

Oníkéèkì Òṣogbo

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ sọ fún Alhaja pé wọ́n pàdánù? Wọn ò lé yín lọ?

Alábòójútó Ìbàdàn

Wọn ò lé mi o. Wọ́n pe akọ̀wé wọn, wọ́n jọ fi rìpọ́ọ̀tù wé ìwé báńkì. Èmi gan-an ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, torí tí owó tó wọ báńkì bá fi púpọ̀ ju àpapọ̀ `Paid` lọ, a jẹ́ pé ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù ti gbàgbé láti lẹ àmì, nọ́ńbà mi ò sì ṣeé gbọ́kàn lé lóṣù yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́

Ẹni tó béèrè lọ́jọ́ 28 tó sanwó lọ́jọ́ 3 oṣù tó tẹ̀ lé e ńkọ́?

Alábòójútó Ìbàdàn

Oṣù tó sanwó ni mò ń kà á sí, mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rìpọ́ọ̀tù kó má bàa dàrú. Púpọ̀ nínú wọn ń dúró de owó oṣù ni.

Ará Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ibi kan wà tí mi ò bá yín lọ. Bẹ́ ẹ bá ya ìlà méjì báyìí, oníṣòwò tó bá fẹ́ dín owó yín kù á kàn di ìlà àkọ́kọ́ mú ni. Èmi máa ń da méjèèjì pọ̀, mo sì ń ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Alábòójútó Ìbàdàn

Mo gbọ́ yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dọ̀ oníbàárà mìíràn rí, ó di ìlà àkọ́kọ́ mú, a sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ara wa. Síbẹ̀, mi ò lè da ohun tí mo rí pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi.

Ìyá Aládìyẹ, Ìlọrin

Mo ti ní kó fi ibi tí ìlú wà hàn mí. Èkó ló wà lókè, Àbújá ló tẹ̀ lé e. Ìlọrin ò sí níbẹ̀. Líńkì aláàmì yìí, ṣé mo lè lẹ ọ̀kan mọ́ ara krétì, kí àwọn tó ń rà lọ́jà lè kọ̀wé sí mi?

Alábòójútó Ìbàdàn

Ó ṣeé ṣe, Màmá. Ẹ fún un ní àmì tirẹ̀, ẹ pè é ní KRT, ẹ sọ ọ́ di kóòdù QR kí wọ́n kàn fi fóònù yà á. Ẹ jẹ́ kó ní ìlà tirẹ̀ nínú rìpọ́ọ̀tù, kí ẹnikẹ́ni má kà á mọ́ iṣẹ́ Instagram.