Ẹ bá mi wá òpin ìtàn fún ọmọ ọdún 7 tí àníyàn ń dà láàmú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo wà, àwọn ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà ni mò ń tọ́jú. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan kì í fẹ́ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé. "Mọ́mì, ṣé ẹ máa wá mú mi?" Bí ìyá bá ti dáhùn tán, á tún bi í.

Mo kọ ìtàn kan fún un. Àníyàn jẹ́ ẹranko kékeré onírun tó ń gbé inú báàgì rẹ̀. Mi ò lo òwìwí, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nílé. Ìbéèrè yẹn gan-an ni oúnjẹ ẹranko náà: bí ọmọ bá ṣe ń béèrè tó ló ń sanra tó. Bí ọmọ bá dákẹ́, ẹranko á kọ́kọ́ pariwo ju tẹ́lẹ̀ lọ, kó tó máa kéré. Mo fi ariwo yẹn sílẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lóòótọ́.

Àmọ́ ọmọ náà bú sẹ́kún: "Ṣé ebi ò ní pa á kú?" Mo ní kí ẹranko náà sá wọgbó; ọmọ ní á padà wá lóru. Mi ò sì fẹ́ pa á, torí àníyàn kì í tán pátápátá, ó sì wúlò nígbà tí ewu gidi bá dé.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, kí ni ẹranko yìí lè máa jẹ tí kò ní mú un tóbi, tí ọmọ ọdún 7 á sì gbà pé ebi ò pa á?